Sípíkà Búlútúùtù àbí ti Wáífáì: èwo ló lè kọrin ní pálọ̀, ilé ìdáná àti yàrá Màmá láìsáré ju ara wọn lọ?

Ọmọ Olósùnta

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀rọ̀ sípíkà ni mo bá wá. Ilé Màmá wa wà ní Bàsírì, Adó-Èkìtì. Oníyàrá mẹ́rin ni, kò ní òkè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á já. Pálọ̀ wà níwájú, ilé ìdáná wà lẹ́yìn pátápátá, yàrá Màmá wà láàárín lọ́wọ́ òsì. Bí Màmá bá ti jí, orin ìyìn ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í dúró sójú kan. Wọ́n á gbá pálọ̀, wọ́n á lọ wo iṣu lórí iná, wọ́n á tún padà sí yàrá.

Mo ra sípíkà Búlútúùtù méjì fún wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan kọ́ ló ṣe èkejì. Fóònù mi ní ibi tí wọ́n kọ `Dual Audio` sí, òun ni mo fi so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn títí mo fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ "Halelúyà" láti pálọ̀, kò tíì tán létí mi tí mo tún gbọ́ "Halelúyà" kan náà láti ilé ìdáná. Màmá ní ó dà bí ìgbà tí ìjọ méjì bá ń kọ orin kan náà nínú ilé kan, tí ìkan ń lé èkejì. Bí mo bá sì gbé fóònù dé ẹnu géètì, ti ilé ìdáná á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Mo fẹ́ ra ẹ̀kẹta fún yàrá wọn báyìí. Ṣé kí n ra Búlútúùtù mìíràn ni, àbí kí n kó gbogbo rẹ̀ sí ti Wáífáì? A ní ráútà nílé, a sì ní ínfátà kékeré kan.

Bàbá Ajílósun

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Má wulẹ̀ náwó sí Wáífáì. Àwọn sípíkà rẹ ló ti gbó. Búlútúùtù 5 ni kí o béèrè fún lọ́jà, ó ń dé nǹkan bí igba mítà. Láti Bàsírì lo ti máa kọrin fún àwọn ará Ìyìn. Ẹ̀kejì, àwọn tuntun tí wọ́n ń fi àmì `Auracast` hàn lára páálí wọn wà níta báyìí, fóònù kan lè kọrin fún sípíkà mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹńjíníà Ìwòróko

Ẹ kú ìmọ̀ràn, Bàbá. Ẹ má bínú, ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Òótọ́ ni pé Búlútúùtù 5 ní ọ̀nà kan tó fi ń dé ibi tó jìn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀ ló wà fún, irú èyí tó ń sọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Orin wúwo ju ohun tí ọ̀nà yẹn lè gbé lọ. Orin tí fóònù wa ń rán sí sípíkà, ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń gbà lórí ọ̀pọ̀ fóònù, èyí sì ni pé nǹkan bíi mítà 10 ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ẹ wá fi ògiri búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta sáàárín, ẹ ó rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. `Auracast` tí ẹ dárúkọ, ẹ jàre níbẹ̀: ó lè rán orin kan sí ọ̀pọ̀ sípíkà kí wọ́n sì jọ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ ní in, sípíkà gbọ́dọ̀ ní in, àwọn méjì tó ti rà kò sì ní di oní-`Auracast` lójijì. Ògiri kò sì ní yẹ̀ fún un.

Ọmọ Olósùnta, ẹni tó ń ru orin ni kí o kọ́kọ́ wò. Ní ti Búlútúùtù, fóònù rẹ ni alárù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé orin lọ bá sípíkà, ìdí nìyẹn tí orin fi ń já bí o bá dé géètì, tí ìpè bá sì wọlé, orin á dákẹ́ fún gbogbo ilé. Ní ti ọ̀pọ̀ sípíkà Wáífáì, fóònù rẹ kò ju apàṣẹ lọ. Bí o bá ti yan orin tán, sípíkà ló ń lọ bu orin náà láti orí ayélujára, ráútà ló ń gbé e fún un. O lè gbé fóònù rẹ lọ sí Ọjà Ọba, orin kò ní dúró. Bí sípíkà ilé ìdáná bá ti ń gbọ́ ráútà dáadáa, kò kàn án mọ́ ibi tí ìwọ wà.

Ìyá Oníkánópì

Ẹ ṣeun o. Èmi náà ní ìnáwó ní Ìjerò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìsìnkú ìyá ọkọ mi ni, kánópì mẹ́fà la máa ta. Ṣé kí n lo Wáífáì yìí dípò kí n gbà wọ́n tó ń gbé sípíkà ńlá wá? Owó tí wọ́n pè pọ̀ jù.

Ẹńjíníà Ìwòróko

Màmá, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún ẹni ire. Ti inú ilé la ń sọ níbí. Ní gbangba níbi tí kánópì mẹ́fà wà, tí ìlù ń dún, tí èèyàn ń sọ̀rọ̀, agbára sípíkà inú yàrá kò tó nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí oní-sípíkà ńlá wá, ẹ kàn bá a ná owó rẹ̀.

Kí n padà sórí gbohùngbohùn inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, orin kan tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sípíkà Búlútúùtù kì í kọ orin bó ṣe ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó máa ń kó díẹ̀ pa mọ́ ná, bí ẹni tó pọn omi kún àmù kó tó máa bù ú mu, kí orin má bàa já tí ohun kan bá dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àmù ti ìkan ṣe tóbi tó kọ́ ni ti èkejì, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà. Nígbà tí fóònù rẹ bá rán orin sí méjèèjì, kò sí ẹni tó sọ fún èyí tí àmù rẹ̀ kéré pé kó dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú pálọ̀ tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ẹ kò ní mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa tú àṣírí.

Àwọn sípíkà Wáífáì tí wọ́n ṣe fún yàrá púpọ̀ ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú aago inú wọn dọ́gba. Ìkan á ṣe olórí, á máa pín orin fún àwọn yòókù, á sì máa sọ fún wọn pé gbólóhùn yìí, àkókò báyìí gan-an ni kí gbogbo wa kọ ọ́. Ẹni tí orin tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dúró de àkókò náà.

Bí o bá fẹ́ mọ iye tí tìrẹ fi ń sáré ju ara wọn lọ, ṣe èyí. Wá ohùn tó ń dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì sórí fóònù, fi sí àwọn sípíkà méjèèjì, kí o gbé fóònù mìíràn sórí àga láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, níbi tí pálọ̀ àti ilé ìdáná ti jìnnà bákan náà, kó máa gba ohùn sílẹ̀. Ṣí ohun tó gbà lórí áàpù tó ń ya àwòrán ohùn. Wàá rí i bí òkè kéékèèké. Wo àlàfo tó wà láàárín "kọ́" àkọ́kọ́ àti "kọ́" kejì.

Tíṣà Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dátà ń kọ́? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń jẹ. Tí sípíkà mẹ́ta bá ń bu orin lórí ayélujára láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé kò ní gbé gbogbo rẹ̀ mì?

Ní tèmi, ilé bàbá mi ní Ìkọ̀lé ni mo ń gbé, ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Búlútúùtù kì í ré ògiri kan kọjá níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ẹ̀rọ tó ń mú ohùn lágbára sí pálọ̀, mo sì fa wáyà gba orí àjà lọ sí yàrá méjì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Kò sí dátà, kò sí gbohùngbohùn kankan. Èmi kò rí ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú.

Ẹńjíníà Ìwòróko

Tíṣà, n kò lè bá wáyà jà. Orin inú wáyà kì í dúró de ẹnì kan. Tí ilé bá ṣì wà lórí kíkọ́, tí wọn kò tíì rẹ́ ẹ, wáyà ni èmi náà á kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé tí Màmá ti ń gbé, tí wọ́n ti kun ún, ni mo rò pé kò ní rọrùn láti tún máa lu ògiri rẹ̀.

Ní ti dátà, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Orin tó dára díẹ̀ lórí áàpù orin sábà máa ń jẹ́ kílóbíìtì 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni kílóbáìtì 20. Wákàtí kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3,600, ó wá di mẹ́gábáìtì 72. Bí Màmá bá ń gbọ́ orin wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, mẹ́gábáìtì 216 ni. Lóṣù kan, ó tó gígábáìtì 6 àti ààbọ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀mẹ́ta rẹ̀ nítorí pé sípíkà jẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti wà nínú agbo kan náà, olórí ló ń bu orin wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pín in fún àwọn yòókù nínú ilé. Àyàfi tí ẹ bá jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ orin tirẹ̀.

Ó tún ku ọ̀nà kan. Tí orin bá ti wà nínú fóònù, fóònù lè gba inú ráútà rán an sí sípíkà láìná dátà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà náà fóònù ti tún di alárù nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Àwọn sípíkà kan sì wà tí kì í fẹ́ dáhùn rárá tí ráútà kò bá ní ayélujára. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọmọléèwé Ọ̀yẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún Ọmọ Olósùnta, torí ó fìyà jẹ mí. Mo ra sípíkà Wáífáì méjì, Máífáì ni mo fi ń gbé ayélujára wá sí yàrá mi. Sípíkà wọlé sórí Wáífáì, fóònù náà wọlé, ṣùgbọ́n áàpù ní òun kò rí sípíkà kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un tò. Mo dá ọ̀kan padà fún ẹni tó tà á fún mi, mo ní ó ti bàjẹ́, ó sì fún mi ní òmíràn. Ìyẹn náà kò ríran.

Nígbẹ̀yìn ni ẹnì kan ní kí n ṣí ojú ìwé tí wọ́n fi ń tún Máífáì ṣe. Mo bá `AP Isolation` níbẹ̀, ó wà ní títàn. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan rí ayélujára, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Mo pa á, àwọn méjèèjì sì yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí ráútà mìíràn, `Client Isolation` ni wọ́n ń pè é. Bí o bá so sípíkà mọ́ Wáífáì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò, irú rẹ̀ náà lo máa rí.

Bàbá Ajílósun

Ẹńjíníà, mo gba ti jíjìn yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó so sípíkà méjì ilé iṣẹ́ kan náà pọ̀ ńkọ́? Ọmọ mi ọkùnrin ní méjì tó jọra, ó tẹ bọ́tìnnì kan lára wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ pọ̀ dáadáa.

Ẹńjíníà Ìwòróko

Òótọ́ ni, Bàbá. Àwọn tí ilé iṣẹ́ kan ṣe láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n mọ bí àmù ara wọn ṣe tóbi tó. Ìkan á gba orin lọ́wọ́ fóònù, á sì fi ṣọwọ́ sí èkejì. Bí wọ́n bá wà nínú yàrá kan tàbí ní àgbàlá kan, ó dára gan-an, kò sì fẹ́ ráútà. Ibi tí mo ti ń rí wàhálà ni yàrá tó jìnnà síra: ó ti di ìrìn méjì tí ògiri lè gé, láti ọwọ́ fóònù dé ti àkọ́kọ́, àti láti àkọ́kọ́ dé èkejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí kì í gba èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ti Wáífáì náà ní irú ẹ̀ o. Kíkọ tí wọ́n kọ "Wi-Fi" sára páálí kò tó. Ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn ní `AirPlay 2`, tàbí gbogbo wọn ní `Google Cast`, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan. Ẹ má ra ọ̀kan nínú èyí, ọ̀kan nínú tọ̀hún. Wọn kò ní wọ agbo kan.

Ọmọ Olósùnta

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti ṣe ìdánwò náà. Mo gbé fóònù Màmá sórí àpótí ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi okùn wọn ọ̀nà méjèèjì kó dọ́gba. Àwòrán ohùn yẹn yà mí lẹ́nu: òkè ńlá kan, àlàfo, òkè kejì, lọ́nà kan náà títí dé òpin. Àlàfo náà jẹ́ 0.12 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ó dà bí ẹni pé ìkan nínú àwọn sípíkà náà fi mítà 41 jìnnà ju èkejì lọ. Gbogbo gígùn ilé wa kò ju mítà 14 lọ! Abájọ tí Màmá fi ní ìjọ kejì ni.

Lẹ́yìn náà mo yá sípíkà Wáífáì méjì tó jọra lọ́wọ́ ọmọ Àǹtí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ti pálọ̀ ń kọrin, ti ilé ìdáná ń wọlé, ó ń jáde. Mo lérò pé `AP Isolation` tí àbúrò wa sọ ni, mo wò ó, ó wà ní pípa. Ráútà ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ògiri mẹ́ta ló wà láàárín rẹ̀ àti ilé ìdáná. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè, lójú ibi tí yàrá Màmá wà. Mo tún ìdánwò "kọ́" yẹn ṣe. Òkè kan ṣoṣo ni mo rí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Màmá rìn láti pálọ̀ dé ìdí iná, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń bá orin lọ.

Wọ́n wá mú iná lọ ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Ráútà wà lórí ínfátà, kò kú. Sípíkà pálọ̀ náà kò kú. Ṣùgbọ́n ihò iná ilé ìdáná kò sí lórí ínfátà, ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn Búlútúùtù tó ní bátìrì nínú kò ní dákẹ́ ní tiwọn.

Ẹńjíníà Ìwòróko

O ṣeun tí o padà wá sọ ọ́. Púpọ̀ nínú sípíkà Wáífáì kò ní bátìrì, ibi tí ilé wa ti yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe wọn nìyẹn. Wo ẹ̀yìn ráútà rẹ: bí ó bá jẹ́ fólítì 12, áńpù 1, kò lè jẹ ju wáàtì 12 lọ. Èyí kò ní ni ínfátà rẹ lára. Jẹ́ kí oníná fa ihò kan ṣoṣo ní ilé ìdáná àti ọ̀kan ní yàrá Màmá wá sórí ínfátà, fún sípíkà nìkan. Kí ó ri dájú pé ẹnikẹ́ni kò ní fi áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù sí i, torí iṣẹ́ méjì yẹn lè mú ínfátà kékeré dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Má ta àwọn Búlútúùtù méjì yẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ihò wáyà olórí kékeré, o lè ra ẹ̀rọ pélébé tó ń gba Wáífáì, kí o fi wáyà so ó mọ́ sípíkà náà, á sì wọ agbo pẹ̀lú àwọn yòókù. Wáyà ni kí o fi so ó o. Bí o bá ní kí sípíkà Wáífáì tún fi Búlútúùtù rán orin sí i, àmù ti padà wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn, wàá tún gbọ́ ìjọ kejì.

Tíṣà Ìkọ̀lé

Ẹ̀rọ pélébé, ráútà, ínfátà, áàpù. Wáyà mi ṣì ń kọrin o.

Ọmọ Olósùnta

Tíṣà, n kò bá yín jiyàn. Ẹńjíníà, méjì tuntun ni màá rà, ti pálọ̀ àti ti ilé ìdáná, màá fi wáyà so Búlútúùtù tó ní ihò mọ́ ẹ̀rọ pélébé fún yàrá. Ohun kan ló kù tí n kò tíì mọ bí màá ṣe ṣe é. Fóònù onítẹ̀ kékeré ni Màmá ń lò, kò ní áàpù. Bí mo bá padà sí Ìbàdàn, ta ni yóò máa yan orin fún wọn láàárọ̀? Ẹni tó bá ní ìyá tó ń lò ó láìsí fóònù ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe tiyín.

Ọmọléèwé Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, wo orí sípíkà kí o tó rà á. Àwọn kan ní bọ́tìnnì tí a lè fi orin tàbí rédíò kan pa mọ́ sí. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀. Tèmi kò ní in, ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò mọ̀ bóyá bọ́tìnnì yẹn lè jí gbogbo agbo, àbí yàrá tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nìkan.